Mílíọ̀nù 41 Lójú Ẹ̀rọ, Mílíọ̀nù 9 Lápò: Níbo Ni Ìyókù Wà?

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo ń darí olùtajà mẹ́rin ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ agbára oòrùn ní Ìbàdàn. Oṣù kẹjọ rèé tí a ti ń lo HubSpot, ẹ̀rọ ayélujára tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà àti ìdúnàádúrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, ó fi hàn pé mílíọ̀nù 41 náírà ni yóò wọlé lórí ìdúnàádúrà mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 9 péré ni a rí gbà. Mo rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ nǹkan sí i lójoojúmọ́. Mo ti fi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ṣé ẹ̀rọ ni kò dára ni, àbí àwọn ọmọ yìí ń purọ́ fún mi?

*Ìdáhùn:* Mo fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹ̀bi kankan, mi ò sì ní pe àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní òpùrọ́. Ohun tí olùtajà ṣe ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tí oníbàárà ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ oníbàárà ni owó wà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka owó náà bí ó ṣe yọ́.

Ìdúnàádúrà méjì nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́ ti ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo ní Apata. Olùtajà kan fi orúkọ ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, èkejì fi orúkọ obìnrin tó ni ín sílẹ̀, olúkúlùkù sì kọ ₦2,800,000 sí tirẹ̀, nítorí náà ọ̀kan ní láti kúrò. Hótẹ́ẹ̀lì ti Mọ́kọ́lá, tí ẹ kọ ₦9,500,000 sí, kò dá ẹnikẹ́ni nínú yín lóhùn láti ọjọ́ 71. Ní ti ìjọ tó wà ní Olúyọ̀lé, kò tíì sí ẹni tó lọ wo ilé náà rárá. Olùtajà ló fojú wọn ₦5,900,000 láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Tí a bá yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, mílíọ̀nù 22.8 ló kù. Ilé-ẹ̀kọ́ ti Bódìjà, ₦8,400,000, jẹ́ ọjà gidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà oṣù náà, èyí sì fa iye náà wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 14.4. Nínú mílíọ̀nù 14.4 yìí, ilé ìwòsàn san mílíọ̀nù 4.2, ilé búrẹ́dì san 2.8, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò sì san 2. Mílíọ̀nù 9 yín nìyẹn. Oko adìyẹ ti Mọ́níyà àti ilé ìtẹ̀wé ló sún tiwọn síwájú, èyí kì í sì í ṣe ohun àjèjì nínú òwò. Ká ní iye tó wà lójú ẹ̀rọ ní ọjọ́ kìíní oṣù jẹ́ mílíọ̀nù 14.4, ẹ kò bá tí kọ ìbéèrè yìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Nígbà tí mo ní kí ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ `Actions`, kí ẹ yan `View property history`, kí ẹ sì wo `Close date`, ìyẹn ọjọ́ tí a retí pé ìdúnàádúrà yóò parí, ẹ rí i pé ọjọ́ náà ti yí padà lẹ́ẹ̀marùn-ún, àti pé ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kan ni wọ́n ń gbé e kúrò, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ń gbé e sí. Kò sí oníbàárà tó ń ronú báyẹn. Ẹni tó ń ronú báyẹn ni olùtajà tí ọ̀gá rẹ̀ ti bi pé “oṣù yìí ńkọ́?” Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òtítọ́ náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta: ọmọ yín kọ ọ́ pé akápò ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé ìgbìmọ̀ kò ní fọwọ́ sí ìnáwó ńlá kankan títí àwọn òbí yóò fi san owó sáà tuntun, àti pé ìpàdé wọn yóò wáyé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ tán, kò sì mú un lọ sí `Close date`. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, tí akápò sì lo ọ̀sẹ̀ kan láti mú owó jáde, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni ó yẹ kó wà níbẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Òfin tí màá fi lélẹ̀ ní ọ́fíìsì yín rọrùn: ọjọ́ tó bá wà nínú `Close date` gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan tí oníbàárà sọ lẹ́yìn, tí ẹlòmíì lè rí kà nínú àkọsílẹ̀. Bí gbólóhùn náà kò bá sí, a kò tíì mọ ọjọ́, ìdúnàádúrà náà kò sì yẹ ní ìpele tó ti súnmọ́ òpin. Bí ọjọ́ bá yí padà lẹ́ẹ̀mejì láìsí ọ̀rọ̀ tuntun láti ẹnu oníbàárà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pe oníbàárà náà. Ẹ má ṣe é bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ mọ bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣètò ẹrù àti àwọn tó máa wá tò ó, nítorí pé òtítọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìpele ló kàn. Ẹ̀ ń lo àwọn ìpele tí HubSpot gbé wá, láti `Appointment scheduled` títí dé `Contract sent` àti `Closed won`. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìdá tirẹ̀, tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé owó yóò wọlé: 20% fún àkọ́kọ́, 90% fún `Contract sent`. Nítorí pé ọmọ yín ti fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó gbé e sí `Contract sent`, ẹ̀rọ sì ka ₦7,560,000 nínú mílíọ̀nù 8.4 náà mọ́ `Weighted amount`, ìyẹn iye owó lẹ́yìn tí a bá ti fi ìdá náà ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó bá gba ìwé iye owó yín ni yóò san owó? Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ìdá tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á ni. Ẹ ka gbogbo ìwé iye owó tí ẹ ti fi ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́jọ, kí ẹ sì ka àwọn tó parí sí owó. Ká ní 40 ni, tí 14 sì san, 35% ni tiyín, ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò sì wúwo tó ₦2,940,000 dípò ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ rántí pé ìdá yìí wúlò lórí ọ̀pọ̀ ìdúnàádúrà lápapọ̀ ni, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yóò san mílíọ̀nù 8.4 tàbí kí ó má san kọ́bọ̀.

Ju ìdá lọ, orúkọ àwọn ìpele náà ni kí ẹ yí padà. Ẹ lọ sí `Settings`, kí ẹ wá `Objects`, `Deals` àti `Pipelines`, níbi tí ẹ ti lè tún un ṣe. Ohun tí oníbàárà ṣe, tí a lè fi ojú rí, ni kí ó máa sún ìdúnàádúrà síwájú. Ìpele àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín wọlé ka àwọn ohun tó ń lo iná, láti orí ẹ̀rọ amúlétutù títí dé ẹ̀rọ omi. Èkejì ni pé ó sọ ẹni tó máa fọwọ́ sí owó àti ìgbà tí yóò fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni pé ó ti ka ìwé iye owó, ó sì padà wá pẹ̀lú ìbéèrè tàbí pé kí ẹ dín bátìrì kù. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò sọ pé a ti fi ìwé ránṣẹ́, torí pé fífi ìwé ránṣẹ́ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, èèyàn sì lè fi í ránṣẹ́ sí gbogbo Ìbàdàn. Ẹ̀kẹrin ni pé owó àsansílẹ̀ ti wọ àkáǹtì, tàbí pé ìwé àṣẹ ìrajà ti dé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe ìyípadà yìí, ọ̀pọ̀ ìdúnàádúrà yóò padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, inú ẹnikẹ́ni kò sì ní dùn sí i.

Báwo ni wọn yóò ṣe máa kọ àkọsílẹ̀ wá? Mo rí èyí lábẹ́ hótẹ́ẹ̀lì ti Mọ́kọ́lá, nígbà mẹ́jọ, ní ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: “Mo pè wọ́n. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.” Ẹni tó bá ka èyí kò mọ ẹni tí a pè, kò mọ bóyá ó gbé e, kò sì mọ ohun tó kù láti ṣe. Ẹ wo èyí tí olùtajà kan náà kọ sábẹ́ ilé ìwòsàn tó san owó: “Mo bá dókítà tó ni ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní owó kò ju òun lára lọ, ṣùgbọ́n fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí kò gbọ́dọ̀ kú ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó fẹ́ kí ẹni tó tò ó fún wa wá ṣàlàyé èyí fún nọ́ọ̀sì àgbà ní Ọjọ́bọ̀.” Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, àti ohun tó kàn pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: mẹ́ta yìí ti tó, kò sì gba ju ìlà mẹ́rin lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó wakọ̀ kúrò ní ọgbà oníbàárà, nítorí pé ohun tí a bá fi sílẹ̀ di alẹ́, ìrètí ló sábà máa ń kọ ọ́. Kí wọ́n sì má kọ ohun tí ojú yóò tì wọ́n fún bí oníbàárà bá kà á, torí pé òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ mẹ́jọ ti hótẹ́ẹ̀lì náà tún ṣe ohun kan tó burú ju pé wọn kò wúlò. HubSpot ní ọjọ́ kan tó ń pè ní `Last activity date`, ìyẹn sì máa ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọ nǹkan, ì báà jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tí olùtajà kọ láti orí àga rẹ̀. Nítorí náà, òkú ìdúnàádúrà ń rí bí alààyè níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. `Last contacted` sàn jù ú lọ, torí pé àkọsílẹ̀ lásán kì í yí i padà, ṣùgbọ́n ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé yóò yí i padà bí olùtajà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun pè. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ni pé mo máa ń ṣẹ̀dá àyè tuntun fún ọjọ́, ní `Settings`, lábẹ́ `Properties`, kí n sì pè é ní “Ọjọ́ tí oníbàárà fèsì kẹ́yìn”. Ọwọ́ ni a fi ń kọ ọ́, ìgbà tí oníbàárà bá gbé ìpè, tó fèsì, tàbí tó wá sí ọ́fíìsì nìkan ni a sì ń yí i padà. Ti hótẹ́ẹ̀lì yín ì bá ti fi ọjọ́ 71 hàn gbangba.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ fún mi pé orí Wáàsáàpù ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń wáyé. Bẹ́ẹ̀ ni, orí fóònù tí olùtajà fi owó ara rẹ̀ rà ni, lọ́jọ́ tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ. Mi ò ní sọ pé kí ẹ da gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sínú HubSpot, torí pé kò sí ẹni tí yóò kà á. Gbólóhùn tó yí nǹkan padà ni kí wọ́n mú: iye tí oníbàárà gbà, ọjọ́ tó dá, ẹni tó ní kí a lọ rí. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́, láìtún un kọ.

Ní ti ìránnilétí, ọ̀pọ̀ nínú `Tasks` yín ló ní orúkọ kan náà, “pe oníbàárà”, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń dábàá fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pe akápò ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà 11 lórí ohun tó ti sọ pé ó di oṣù Kẹsàn-án, títí tí kò fi gbé ìpè mọ́. Ọjọ́ tí oníbàárà dá ni kí ìránnilétí tẹ̀ lé. Fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, méjì péré ló yẹ kó wà. Èkíní yóò wà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé, pẹ̀lú orúkọ tó sọ iṣẹ́ náà: “Fún akápò ní ìwé iye owó tuntun tí yóò gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀.” Èkejì yóò wà ní ọjọ́ 22, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìpàdé: “Béèrè ohun tí ìgbìmọ̀ sọ.” Bí ìránnilétí tó ti kọjá àkókò bá ti pé ogún lórí orúkọ ẹnì kan, kò ní ṣí ojú ìwé náà mọ́, gbogbo wọn yóò sì dà bí aago ìdájí tí a ń fi ọwọ́ pa láti ojú oorun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa èyí tí kò ní ọjọ́ oníbàárà lẹ́yìn rẹ́ pátápátá.

Ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ ní ọ̀sán Ẹtì, kí olùtajà kọ̀ọ̀kan sì jókòó ti ìdúnàádúrà tirẹ̀, láti ṣe ìwẹ̀nùmọ́. Ìbojúwò méjì ni kí ẹ ti fi pamọ́ fún wọn. Ọ̀kan yóò mú gbogbo ìdúnàádúrà tó wà ní ṣíṣí tí `Next activity date` rẹ̀ ṣófo, ìyẹn àwọn tí kò ní ohunkóhun níwájú. Ìkejì yóò mú àwọn tí `Close date` wọn ti kọjá. Kí ohun tó bá jáde gba ọjọ́ tí oníbàárà dá, tàbí kí ó padà sí ìpele ìṣáájú, tàbí kí a tì í pa. Ọ̀rọ̀ méjì bíi ti ilé búrẹ́dì yóò tán bí wọ́n bá ń fi nọ́ńbà fóònù wá oníbàárà kí wọ́n tó ṣẹ̀dá ẹni tuntun, torí pé èèyàn kan lè ní orúkọ mẹ́ta níbí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó fi ń gba ìpè òwò kì í sábà ju ọ̀kan lọ.

`Amount` náà ní àrùn tirẹ̀ nínú irú òwò yín. Ìlú òkèèrè ni páńẹ́ẹ̀lì, ínfátà àti bátìrì ti ń wá, nítorí náà ìwé iye owó yín sọ pé ọjọ́ méje ni iye náà dúró fún. Iye tó wà lórí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti lé ní oṣù mẹ́rin. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí mílíọ̀nù 8.4 lónìí, ẹ ó tà á ní òfò tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí ọjọ́ ìwé iye owó bá pé, kí olùtajà tún un ṣírò kó tó sọ pé owó kan ń bọ̀.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn-ún gbọ́. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ìdúnàádúrà méjì péré ni wọ́n gbé sí `Closed lost`. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń pàdánù méjì péré ní oṣù mẹ́jọ. Mo ti jẹ́ olùtajà rí lábẹ́ ọ̀gá kan tó máa ń pe orúkọ ẹni tó bá pàdánù ọjà níwájú gbogbo ènìyàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láàárín oṣù méjì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó pàdánù ọjà mọ́, gbogbo ọjà wa wulẹ̀ ń sún síwájú ni. Ẹ fi àwọn ìdí bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún síbẹ̀ tí wọn yóò máa yàn nínú rẹ̀, irú bíi pé owó kò sí, pé ó rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì, pé kò dáhùn mọ́, tàbí pé iye owó lọ sókè. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá ti hótẹ́ẹ̀lì náà pa ní ọ̀sẹ̀ yìí rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ bi í: kí ni a rí kọ́ níbẹ̀?

Ẹ má gbàgbé pé ohun tí ojú ìwé náà ń fi hàn ni ipò òní. Bí ẹ bá tún `Close date` ṣe lónìí, ìrètí tí ẹ ní ní ọjọ́ kìíní oṣù ti parẹ́ kúrò lójú. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ `Export`, kí ẹ fi àtẹ náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ lórí, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ní òpin oṣù, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó tó wọ àkáǹtì, kí ẹ sì tọ́ka sí ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó san tí kò san. Mo retí pé àtẹ yín àkọ́kọ́ yóò wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ ti Bódìjà kò ní sí nínú rẹ̀ àyàfi bí ó bá jẹ́ ti oṣù Kẹsàn-án.